Iye owó wákàtí àti iye àdéhùn iṣẹ́

Iye owó wákàtí àti iye àdéhùn ni ọ̀nà méjì pàtàkì tí oníṣẹ́ ọwọ́ máa ń gbà dá owó lé iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀nà àkọ́kọ́, oníbàárà ń sanwó fún àkókò tí oníṣẹ́ lò. Ní ọ̀nà kejì, ó ń san iye kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì ti fẹnu kò sí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìbáà yá, ìbáà pẹ́. Iye ìsàlẹ̀ ni owó wákàtí kan tí ó kéré jù lọ tí oníṣẹ́ lè gbà kí òun àti ilé rẹ̀ má baà jẹ gbèsè. Ẹni tí kò bá mọ iye ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá iye àdéhùn tí ó gbà jẹ́ èrè tàbí àdánù. Àwọn ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn, ní agbègbè Òkè-Ògùn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni àyọkà yìí fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé iye àdéhùn ni wọ́n sábà máa ń fi ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ wọn kún fún wákàtí tí oníbàárà kì í rí.

## Àṣà ìdíyelé ní Òkè-Ògùn

Ọ̀rọ̀ náà "wákàtí" fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ wá láti èdè Lárúbáwá. Ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, ohun méjì ni àwọn ará agbègbè náà fi ń wọn iṣẹ́: ọjọ́ tàbí iye ohun tí a ṣe. Lábùlà tí ń ru bíríkì níbi ìkọ́lé ní Ṣakí ń gba owó òòjọ́. Àgbẹ̀ tí ó fẹ́ gbin iṣu ní tirẹ̀ sábà máa ń gbé iṣẹ́ náà fún alágbàṣe, iye ebè ni wọ́n sì fi ń ná an. Igba ebè, ìyẹn 200, ni òṣùwọ̀n tí ó gbajúmọ̀ jù nínú irú ìdúnàádúrà bẹ́ẹ̀.

Àgbàṣe ebè fi ìwà iye àdéhùn hàn kedere. Olóko kò ní láti dúró ti alágbàṣe láti ṣọ́ ọ, nítorí pé bí ó bá sinmi, àkókò ara rẹ̀ ni ó ń lò. Alágbàṣe tí ó yára lè parí kí oòrùn tó kan àtàrí, kí ó sì gba iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ku díẹ̀ kí iṣẹ́ parí, ebè á bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, nítorí pé iye ni a ń kà, a kì í wọn ìwọ̀n. Olóko tí ó gbọ́n máa ń jẹ́ kí wọ́n kọ ebè kan tàbí méjì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwòṣe, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ owó. Alágbàṣe tí ó gbọ́n pẹ̀lú kì í dá iye lé ilẹ̀ tí kò tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn le kankan nígbà tí òjò kò bá tíì rọ̀ dáadáa, igba ebè lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì lè gba ìlọ́po méjì àkókò tí yóò gbà lẹ́yìn òjò. Iye kan náà ni a ó kà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kì í ṣe ọ̀kan.

## Ta ni ó ru ewu àkókò?

Ìyàtọ̀ pàtàkì láàrin ọ̀nà méjèèjì kò sí nínú bí owó ṣe pọ̀ tó. Ó wà nínú ẹni tí yóò jìyà bí iṣẹ́ bá pẹ́ ju bí a ti rò lọ. Bí ó bá jẹ́ owó wákàtí tàbí owó òòjọ́, oníbàárà ni yóò san owó àfikún. Bí ó bá jẹ́ iye àdéhùn, oníṣẹ́ ni yóò fi àkókò tirẹ̀ dí i. Nítorí náà, ẹni tí ó ń gba iye àdéhùn ń ta ohun méjì pọ̀: iṣẹ́ rẹ̀, àti ìfọ̀kànbalẹ̀ oníbàárà pé owó náà kò ní yí padà. Ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn ní iye tirẹ̀, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ni ó sì ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ti kíyè sí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1776, Adam Smith sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ tí a ń sanwó gidi fún lórí iye ohun tí wọ́n ṣe máa ń ṣiṣẹ́ àṣejù títí ara wọn yóò fi bàjẹ́. Ní ọdún 1867, Karl Marx ṣàlàyé pé owó orí iye iṣẹ́ kò ju owó àkókò tí ó wọ aṣọ mìíràn lọ. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni ó wúlò jù fún ìṣirò. Lábẹ́ gbogbo iye àdéhùn, owó wákàtí kan wà tí a kò dárúkọ. Bí ahunṣọ kò bá ṣírò rẹ̀ kí ó tó gba iṣẹ́, yóò rí i lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, nígbà tí kò ní lè yí i padà mọ́.

## Ìdí tí òfin owó oṣù kò fi tó

Ẹnìkan lè rò pé òfin ìjọba ti ṣe ìṣirò iye ìsàlẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ní oṣù keje ọdún 2024, owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní Nàìjíríà gòkè láti ₦30,000, tí ó ti wà láti ọdún 2019, sí ₦70,000. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2019 náà yọ àwọn ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn kò tó 25 sílẹ̀, ó sì yọ àwọn tí a ń sanwó fún lórí iye ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀ pẹ̀lú. Ahunṣọ tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀, tí ó ń gba owó lórí iye aṣọ tí ó hun, bọ́ sí inú àwọn tí a yọ sílẹ̀ yìí. Ẹni tí ó dá òfì tirẹ̀ dúró kò tilẹ̀ ní agbanisíṣẹ́ tí a lè pè lẹ́jọ́. Àwọn méjèèjì ní láti ṣe ìṣirò tiwọn.

Ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, òfin gba ọ̀nà mìíràn. Níbẹ̀, agbanisíṣẹ́ lè sanwó lórí iye ohun tí òṣìṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn iye tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣe ní wákàtí kan ní ìpíndọ́gba, kí ó pín in pẹ̀lú 1.2, kí ó sì fi èyí tí ó jáde pín owó wákàtí tí òfin là sílẹ̀. Bí ìpíndọ́gba bá jẹ́ ẹ̀wù 12 ní wákàtí kan, a ó ka á sí 10, owó wákàtí náà pín sí 10 ni owó ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan. Ìdí rẹ̀ ni pé bí a bá lo ìpíndọ́gba gan-an, gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá tó ti àwọn yòókù yóò bọ́ sí ìsàlẹ̀ owó tí òfin fẹ́. Oníṣẹ́ tí kò sí òfin lẹ́yìn rẹ̀ lè yá 1.2 yìí lò, bí a ó ṣe rí i nísàlẹ̀.

## Bí a ṣe ń ṣírò iye ìsàlẹ̀

Ìṣirò náà kò ju ìpín kan lọ:

```
iye ìsàlẹ̀ = (owó ilé + owó ibi iṣẹ́ + owó ìfipamọ́) ÷ wákàtí tí a rí tà
```

Apá òkè ìpín yìí kì í sábà ṣòro. Apá ìsàlẹ̀ ni àṣìṣe ti máa ń wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a mú ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn tí ó ní òfì kan. A kò wọn àwọn iye tí ó tẹ̀ lé e yìí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, a gbé wọn kalẹ̀ láti fi ọ̀nà hàn ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó yóò fi iye tirẹ̀ rọ́pò wọn. Oúnjẹ, ilé, owó ilé ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú ìdílé rẹ̀ ń gba ₦120,000 lóṣù. Ibi iṣẹ́ ń gba ₦20,000: owó àgọ́ ₦5,000, owó ọkọ̀ láti lọ ra òwú ₦6,000, fóònù ₦4,000, iná ₦2,000, owó ẹgbẹ́ ₦1,000, àti ₦2,000 fún òfì fúnra rẹ̀. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Bí òfì àti ohun èlò rẹ̀ bá tó ₦120,000, tí wọ́n sì lè lò fún ọdún márùn-ún, oṣù 60 ni a ó pín owó náà sí. Bí kò bá sí lára owó iṣẹ́, ọjọ́ tí òfì bá bàjẹ́ ni ahunṣọ yóò lọ yá owó. Ìfipamọ́ fún àìsàn àti ìnáwó òjijì jẹ́ ₦16,000. Àpapọ̀ rẹ̀ di ₦156,000 lóṣù.

A kò ka owó òwú mọ́ èyí. Owó òwú jẹ́ ti iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, oníbàárà tí ó ni aṣọ ni yóò san án. Bí a bá dà á pọ̀ mọ́ owó ibi iṣẹ́, ẹni tí ó ra fìlà yóò máa bá ẹni tí ó ra agbádá san owó òwú.

Ó wá ku wákàtí. Ahunṣọ náà ń lọ sí ìdí òfì ní ọjọ́ 26 lóṣù, ó sì ń lo wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Ìyẹn jẹ́ wákàtí 208. Bí ó bá fi 208 pín ₦156,000, yóò rí ₦750, yóò sì gbà pé iye ìsàlẹ̀ òun nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń san owó wákàtí 208 fún un. Ọjọ́ méjì nínú oṣù ń bá ìnáwó ẹbí, òkú sísin tàbí ara tí kò yá lọ, ó wá ku ọjọ́ 24. Nínú wákàtí mẹ́jọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, méjì ń lọ sórí fífi àwòrán ọnà han oníbàárà, dídúnàádúrà, gbígba ìpè, rírà òwú, àti títún ohun tí ó já ṣe. Mẹ́fà ni ó kù, ìyẹn wákàtí 144 lóṣù. Lẹ́yìn èyí, àsìkò wà tí iṣẹ́ kì í sí, pàápàá nígbà tí ìgbéyàwó kò bá pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 28 nínú ọdún ni ó fi jókòó láìsí iṣẹ́, wákàtí 168 ti lọ, èyí sì jẹ́ 14 lóṣù. Wákàtí tí ó rí tà di 130.

₦156,000 pín sí 130 jẹ́ ₦1,200. Iye ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ₦750. Ahunṣọ kan náà ni, ilé kan náà, òfì kan náà. Ohun kan ṣoṣo tí ó yàtọ̀ ni pé ìṣirò kejì kò ka wákàtí tí kò sí olówó rẹ̀.

Ọ̀nà láti mọ wákàtí yìí dájú ni kí ahunṣọ ní ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, kí ó kọ aago tí ó jókòó àti aago tí ó dìde fún oṣù kan gbáko. Àbá orí kì í dára tó. Ènìyàn máa ń rántí ọjọ́ tí ó fi hun aṣọ láti àárọ̀ di alẹ́, ó sì máa ń gbàgbé ọ̀sán tí ó fi dúró de ẹni tí yóò gbé òwú wá.

## Láti iye ìsàlẹ̀ dé iye àdéhùn

Nígbà tí ahunṣọ bá ti mọ ₦1,200, ó ku kí ó mọ wákàtí tí iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀ yóò gbà. Aṣọ òfì kì í jáde ní fífẹ̀. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn ni òfì àwọn ọkùnrin ń hun, a ó wá gé e, a ó sì rán an pọ̀ di ìró, ìpèlé tàbí gèlè. Nítorí náà, iṣẹ́ náà ní apá mẹ́ta: ìmúrasílẹ̀ òwú, híhun, àti rírán pọ̀.

Ká sọ pé ìyàwó tuntun kan fẹ́ gèlè àti ìpèlé aláràbarà. Kíká òwú àti nína án gba wákàtí mẹ́rin, fífa òwú kọ̀ọ̀kan wọ inú omu òfì gba mẹ́ta, híhun gba 21, gígé àti rírán pọ̀ gba méjì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí 30. Òwú tó ₦14,000, ìdá mẹ́wàá rẹ̀ tí yóò ṣòfò tàbí tí yóò já jẹ́ ₦1,400, ó di ₦15,400. Owó iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ 30 lọ́nà ₦1,200, ìyẹn ₦36,000. Iye tí ahunṣọ kò gbọdọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦51,400.

Ṣùgbọ́n wákàtí 30 yìí ni èyí tí iṣẹ́ máa ń gbà bí ohunkóhun kò bá ṣẹlẹ̀. Níbí ni 1.2 ti wúlò: 30 lọ́nà 1.2 jẹ́ 36, owó iṣẹ́ ọwọ́ di ₦43,200, àpapọ̀ sì di ₦58,600. Èyí ni iye àdéhùn tí ó yẹ kí ó ní lọ́kàn. ₦7,200 tí ó wà láàrin iye méjèèjì ni owó ewu tí ahunṣọ gbé kúrò lọ́rùn oníbàárà sí ọrùn ara rẹ̀. Kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Nínú iṣẹ́ márùn-ún, ọ̀kan tàbí méjì yóò jẹ ẹ́ tán. Nítorí pé oníbàárà yóò ná ọjà, iye tí ahunṣọ yóò kọ́kọ́ dárúkọ ní láti ju ₦58,600 lọ. Bí ìnájà bá ti bọ́ sí ìsàlẹ̀ ₦51,400, ó ti di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹ wá wò ó bí oníbàárà bá ní ₦45,000 ni òun yóò san. Ahunṣọ tí ó gbà pé ₦750 ni iye ìsàlẹ̀ òun yóò ṣírò báyìí: 30 lọ́nà ₦750 jẹ́ ₦22,500, pẹ̀lú òwú ó di ₦37,900, nítorí náà òun yóò jèrè ₦7,100. Yóò gba iṣẹ́ náà tayọ̀tayọ̀. Ní òótọ́, ₦6,400 ni ó fi dín sí ohun tí ilé rẹ̀ àti òfì rẹ̀ nílò. Bí a bá yọ òwú kúrò nínú ₦45,000, ₦29,600 ni ó kù, ìyẹn bí ₦987 fún wákàtí kan. Owó tí ó kọjá ₦750 ń fi ojú èrè hàn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń jẹ ojú owó.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ₦45,000 kò ṣeé gbà láéláé. Nínú wákàtí 30 náà, méje jẹ́ ti ìmúrasílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ aṣọ ẹbí ni, tí ènìyàn mẹ́wàá fẹ́ àwọ̀ kan náà àti ọnà kan náà, a kò ní ṣe ìmúrasílẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá. A ó na òwú gígùn kan, bóyá ní wákàtí 12, a ó sì fà á wọ inú omu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní wákàtí mẹ́ta. Wákàtí 15 yìí, pẹ̀lú 23 lọ́nà mẹ́wàá fún híhun àti rírán, jẹ́ 245. Ẹnìkọ̀ọ̀kan kan wákàtí 24 àti ààbọ̀. Owó iṣẹ́ ọwọ́ kan di ₦29,400, èyí tí ₦29,600 bò mọ́lẹ̀. Nítorí náà ni iye kan náà ṣe lè jẹ́ àdánù lórí ẹyọ kan, kí ó sì tó lórí mẹ́wàá. Ẹ̀dínwó fún ọjà púpọ̀ ní ìdí nínú òfì fúnra rẹ̀, iye ìmúrasílẹ̀ tí a yọ ni ó sì yẹ kí ó sọ bí ẹ̀dínwó náà yóò ti tó.

## Àsansílẹ̀ àti àyípadà

Ìṣirò kan náà ni ó ń sọ iye àsansílẹ̀. Nígbà tí òwú àwọ̀ kan bá ti wọ inú omu fún oníbàárà kan, ó ṣòro láti rí ẹlòmíràn tí yóò fẹ́ àwọ̀ yẹn gan-an. Bí oníbàárà bá sá lọ ní àkókò yìí, ahunṣọ ti pàdánù ₦15,400 fún òwú àti wákàtí méje, ìyẹn ₦8,400. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦23,800. Àsansílẹ̀ tí kò bá tó èyí kò dáàbò bo ahunṣọ. Ìdajì owó tí ọ̀pọ̀ ahunṣọ máa ń béèrè fún, ₦29,300 níbí, kọjá ààlà yẹn. Ìdá mẹ́rin owó, ìyẹn ₦14,650, kò tilẹ̀ ra òwú tán.

Àyípadà lẹ́nu iṣẹ́ ni ó ń ba iye àdéhùn jẹ́ jù lọ. Oníbàárà á pè pé ìyá ọkọ kò fẹ́ àwọ̀ ewé náà mọ́, tàbí pé kí wọ́n fi okùn dídán sí i díẹ̀. Ó dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí kò jókòó sí òfì rí. Ṣùgbọ́n bí òwú bá ti wọlé, wákàtí méje ti ìmúrasílẹ̀ ni a ó tún ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí a lo ọ̀nà méjèèjì pọ̀: iye àdéhùn fún ohun tí a kọ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, owó wákàtí fún ohunkóhun tí a bá fi kún un. Àdéhùn náà kò nílò lọ́yà. Ìwé kékeré tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù tó, bí ó bá sọ àwọ̀, iye aṣọ, gígùn rẹ̀, ọjọ́ tí yóò parí, àti pé àyípadà lẹ́yìn tí òwú bá wọ òfì jẹ́ ₦1,200 fún wákàtí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú owó òwú tuntun. Gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn yìí sábà máa ń dín àyípadà kù ju bí ó ti ń mú owó wọlé lọ.

Owó òwú pẹ̀lú kì í dúró sójú kan. Ọ̀pọ̀ òwú dídán tí a fi ń hun aṣọ òde òní ń wá láti òkè òkun, iye rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé iye dọ́là. Lẹ́yìn tí ilé ìfowópamọ́ àpapọ̀ Nàìjíríà jọ̀wọ́ iye náírà fún ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, náírà já wálẹ̀ gidigidi. Ẹni tí ó ti dá iye lé aṣọ ìgbéyàwó oṣù mẹ́ta ṣáájú, tí kò sì tíì ra òwú, fi owó ara rẹ̀ dí àlàfo. Nítorí náà ni ó fi dára kí ọjọ́ tí iye kan yóò fi wúlò wà lára rẹ̀, bí ọjọ́ méje, kí a sì fi àsansílẹ̀ ra gbogbo òwú iṣẹ́ náà ní ọjọ́ tí ó bá wọlé. Ìṣirò ilé náà ń fẹ́ àtúnṣe. Bí owó ilé bá gòkè láti ₦120,000 sí ₦146,000, tí ohun yòókù dúró, iye ìsàlẹ̀ ti kúrò ní ₦1,200, ó ti di ₦1,400.

## Àmì pé iye ti lọ sí ìsàlẹ̀

Oníṣẹ́ tí iye rẹ̀ kò tó kì í sábà mọ̀ ní kíá, nítorí pé owó ń wọlé, ọwọ́ rẹ̀ sì ń dí. Ní tòótọ́, ọwọ́ tí ó dí jù lè jẹ́ àmì pé òun ni ó pọ̀ jù lọ̀pọ̀ ní àdúgbò. Àmì tí ó dájú ni ibi tí owó òwú ti ń wá. Nígbà tí àsansílẹ̀ oníbàárà tuntun bá di ohun tí a fi ń ra òwú oníbàárà àná, a ti jẹ ojú owó náà. Ahunṣọ náà yóò máa gba iṣẹ́ tuntun kí ó baà lè parí ti àtijọ́, ọjọ́ àdéhùn yóò máa yẹ̀, oníbàárà yóò sì máa pè é ní ọ̀lẹ nígbà tí ó jẹ́ pé kò sinmi rí. Bí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, gbogbo rẹ̀ yóò hàn.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò gba àkókò. Lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí a yọ owó òwú kúrò nínú owó tí ó wọlé, kí a sì fi wákàtí tí ìwé sọ pín ìyókù. Ọ̀kan tí ó bá já sí ìsàlẹ̀ iye ìsàlẹ̀ lè jẹ́ àṣìṣe. Mẹ́ta tẹ̀léra ń sọ pé irú iṣẹ́ yẹn ń gba wákàtí ju bí a ti rò lọ, tàbí pé iye rẹ̀ kò tó.

## Ìgbà tí owó àkókò sàn jù

Iye àdéhùn bá iṣẹ́ tí a ti ṣe rí mu, èyí tí a lè sọ wákàtí rẹ̀. Kò bá iṣẹ́ tí a kò rí inú rẹ̀ mu. Ajórin ní Ṣakí tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìlọta tí ó dákẹ́ wá fún kò lè mọ̀ bóyá bèárìn kan ni ó jẹ tàbí ọ̀pá inú rẹ̀ ni ó tẹ̀, títí yóò fi tú u. Bí ó bá dá iye lé e kí ó tó tú u, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yóò pàdánù. Ohun tí ó bójú mu ni kí ó gba owó kékeré fún títú u wò, lẹ́yìn náà kí ó dá iye lé ohun tí ó rí, tàbí kí ó gba owó òòjọ́ pẹ̀lú ààlà kan tí kò ní kọjá láìkọ́kọ́ pe oníbàárà.

Owó àkókò ní àbùkù tirẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá ń gba owó tí ó kéré ju ti ẹni tí ó ń fà lẹ́sẹ̀ lórí iṣẹ́ kan náà. Bí ahunṣọ wa bá kọ́ bí a ti ń ṣe ìmúrasílẹ̀ ní wákàtí márùn-ún dípò méje, owó wákàtí yóò mú ₦2,400 kúrò nínú owó rẹ̀. Iye àdéhùn yóò fi í sílẹ̀ sọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà pẹ̀lú kò fẹ́ràn ohun tí kò mọ òpin rẹ̀, pàápàá ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn, Èkó tàbí òkè òkun tí kò lè wá wo ẹni tí ó jókòó sí òfì. Fún irú oníbàárà bẹ́ẹ̀, kò sí bí ahunṣọ ṣe lè fi owó wákàtí han án. Iye wákàtí náà yóò wà nínú ìwé kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, iye kan ṣoṣo ni oníbàárà yóò sì gbọ́.